Ṣé o mọ̀? Egbò ìdùbúlẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ kí awọ tó bó
Ìpele mẹ́rin ni egbò ìdùbúlẹ̀ ní, ìpele kìíní kì í sì í ní ojú egbò. Lára aláwọ̀ funfun, ibẹ̀ á pọ́n. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, pípọ́n yẹn lè má hàn. Bí ẹ bá ń wẹ̀ fún màmá àgbà tí kò lè dìde, ẹ fọwọ́ kan egungun ìdí àti gìgísẹ̀ wọn. Bó bá gbóná tàbí le ju awọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, tàbí ó ń dùn wọ́n, ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ má ra á o, ẹran abẹ́ rẹ̀ lè bàjẹ́ sí i. Ẹ yí wọn kúrò lórí rẹ̀, ẹ tún máa yí wọn ní wákàtí 2-2. Bí awọ bá ti bó, ìpele kejì ti dé: ẹ pe nọ́ọ̀sì.