Ọ̀rọ̀ Ìdúpẹ́ Abẹ́ Fọ́tò Ojúde Ọba

Ní ọjọ́ kejì Ojúde Ọba, fóònù kì í sinmi ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ti jó kọjá níwájú Kábíyèsí, àwọn ìdílé Balógun ti gun ẹṣin tán, aṣọ ẹgbẹ́ ti padà sínú àpótí. Ó wá ku iṣẹ́ kan tó sábà máa ń bọ́ sọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ tàbí ẹni tó bá mọ fóònù lò jù láàárín wọn: kó kó fọ́tò sójú òpó ẹgbẹ́, kó kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀, kó dúpẹ́, kó sì sọ ìgbà tí wọ́n tún máa pàdé. Ọ̀rọ̀ náà kì í gùn. Síbẹ̀, òun ni ẹni tó fi owó ràn yín lọ́wọ́ máa wò láti mọ̀ bóyá ẹ rántí òun. Òun náà ni ọmọ Ìjẹ̀bú tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù máa kà kó tó lọ tọrọ ààyè ìsinmi lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀.

Ọpẹ́ ni ayẹyẹ yìí gan-an fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà ayé Awùjalẹ̀ Adémúyẹ̀wò Afìdípòtemọ́lẹ̀, lápá ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn Mùsùlùmí Ìjẹ̀bú bẹ̀rẹ̀ sí í péjọ sí ojúde ọba lẹ́yìn Iléyá láti dúpẹ́ lọ́wọ́ Kábíyèsí pé ó gbà wọ́n láyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn. Lónìí, tọmọdé tàgbà Ìjẹ̀bú ló ń wá, ẹ̀sìn yòówù kí wọ́n máa ṣe. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń dùn mí bí mo bá rí ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ tí wọ́n kọ wúruwùru sábẹ́ fọ́tò irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìlà àkọ́kọ́ ni ká ti mú un. Instagram gbà kí ọ̀rọ̀ abẹ́ fọ́tò gùn tó 2,200 lẹ́tà, ká ka àlàfo àti àmì mọ́ ọn, àmọ́ nǹkan bíi 125 péré ló máa ń hàn kí ọ̀rọ̀ tó kù tó sá pamọ́ sẹ́yìn `more`. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í tẹ̀ ẹ́. Akọ̀wé tó bá fi “Pẹ̀lú ìmoore àti ọpẹ́ ńlá sí Ọlọ́run Ọba tó dá wa sí di àsìkò yìí” bẹ̀rẹ̀ ti sọ òótọ́, kò sì sí ẹni tó máa bá a jiyàn, ṣùgbọ́n ó ti ná púpọ̀ nínú àyè tí gbogbo èèyàn máa rí, ẹni tó ń kà á kò sì tíì mọ òde tí wọ́n lọ. Ẹ gbé orúkọ òde náà, ohun tí ẹ ṣe níbẹ̀ àti ìgbà tó ń bọ̀ síwájú, kí ẹ wá fi àdúrà sínú ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e. Ohun kan tún wà tó kan àwa tí a ń fi àmì ohùn kọ̀wé. Nínú ẹ̀rọ, lẹ́tà bíi ẹ́ tàbí ọ̀ kì í ṣe ẹyọ kan, méjì ni: lẹ́tà olóòtó nísàlẹ̀ fúnra rẹ̀, àti àmì ohùn tó gùn ún lórí. Nítorí náà, ìlà tó dà bíi pé ó kúrú lójú yín lè gùn ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ fi ránṣẹ́ sórí fóònù ẹlòmíràn kí ẹ wo ibi tó gé e dé, kí ẹ sì wò ó bóyá àmì kankan yà kúrò lórí lẹ́tà rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó gbọ̀wọ́ ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Ní Ojúde Ọba, ìpele ìrànwọ́ ju ẹyọ kan lọ. Ilé-iṣẹ́ ńlá wà tó ń ṣe onígbọ̀wọ́ gbogbo àjọ̀dún, bí Globacom ṣe ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìyẹn kì í ṣe onígbọ̀wọ́ ẹgbẹ́ tiyín, bí ẹ bá sì to orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn tó fún yín ní nǹkan, ẹni tó gbé omi àti fìlà wá á rò pé ẹ fi òun ṣe ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó ran ẹgbẹ́ lọ́wọ́ ní tààrà: ilé aṣọ, oníṣòwò, ọmọ ẹgbẹ́ kan tó gbé owó onílù. Ìpele kẹta ni gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tó dáwó. Ti Kábíyèsí yàtọ̀ pátápátá. Ìkíni ni tirẹ̀, kì í ṣe ọpẹ́ onígbọ̀wọ́, òun ló sì gbọ́dọ̀ ṣáájú. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti to orúkọ oríadé sáàárín ilé ìfowópamọ́ àti oní-ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Kò yẹ bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ sọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe. “A dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo àwọn onígbọ̀wọ́ wa” kò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá ní ilé aṣọ báyìí ló fún yín ní fìlà ogójì, ẹni tó ni ilé aṣọ náà á ya á sí fóònù rẹ̀, á fi han oníbàárà rẹ̀, fìlà náà á sì tún wà nínú fọ́tò tí gbogbo wọn ń wò. Ẹ má kọ iye owó, pàápàá ti ọmọ ẹgbẹ́, torí ẹni tó mú ẹgbẹ̀rún márùn-ún wá kò gbọ́dọ̀ máa wo orúkọ ara rẹ̀ lábẹ́ ti ẹni tó mú ọ̀kẹ́ àìmọye wá. Bí ìwé àdéhùn bá wà láàárín yín àti ilé-iṣẹ́ kan, ẹ tún un kà kí ẹ tó kọ ohunkóhun. Ó lè ti sọ bí wọ́n ṣe fẹ́ kí ẹ kọ orúkọ wọn àti ibi tó yẹ kó wà, ó sì lè ní kí orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ń bá wọn du ọjà má sí níbẹ̀. Nígbà tí ẹ bá gbé e jáde tán, ẹ fi ìka tẹ orúkọ kọ̀ọ̀kan tó ní @ níwájú. Lẹ́tà kan péré tó ṣì lè gbé ọpẹ́ yín lọ sójú òpó ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa yín.

Àṣìṣe ojú òpó Instagram ṣeé tún ṣe nígbàkigbà. Ti WhatsApp kò rí bẹ́ẹ̀: ìṣẹ́jú 15 péré ni ẹ ní láti tún ọ̀rọ̀ tí ẹ ti fi ránṣẹ́ kọ, ẹ kò sì lè dé ibi tí àwọn ẹlòmíràn ti fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí. Bẹ́ẹ̀, orí WhatsApp ni ọ̀pọ̀ àgbà ẹgbẹ́ ti ń kà á. Nítorí náà ni mo ṣe máa ń rọ àwọn akọ̀wé pé kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e sójú òpó, kí akápò bá wọn ka orúkọ ibẹ̀ pẹ̀lú ìwé owó lọ́wọ́, kó tó wá dé orí WhatsApp.

Ní ti fọ́tò, ẹ yan díẹ̀ kí ẹ sì dárúkọ àwọn tó wà níbẹ̀. Ní ọdún 2024, fọ́tò Farooq Oreagba lórí ẹṣin, pẹ̀lú awò dúdú lójú, tan káyé. Ọ̀pọ̀ tó ń fi í ránṣẹ́ síra wọn ni kò mọ orúkọ rẹ̀ nígbà yẹn. Fọ́tò yára ju ọ̀rọ̀ lọ, ẹni tí ẹ kò bá sì dárúkọ, àwọn àlejò ló máa sọ ọ́ lórúkọ.

Èwo wá ni ti ọjọ́ tó ń bọ̀? Ibí ni Ojúde Ọba ti yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ òde mìíràn. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni wọ́n ń ṣe é, oṣù ojú ọ̀run ló sì ń mú Iléyá wá. Ọdún olóṣù jẹ́ ọjọ́ 354 tàbí 355, èyí tó fi ọjọ́ mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá dín sí ọdún tí a ń kà lórí kàlẹ́ńdà ara ògiri. Ojúde Ọba 2024 bọ́ sí ọjọ́ 18 oṣù kẹfà. Ká ní akọ̀wé kan kọ ọ́ nígbà náà pé “A ó tún pàdé ní 18 oṣù kẹfà 2025”, ẹni tó bá gbà á gbọ́ tó wá wọ ọkọ̀ òfuurufú wálé á bá pápá lófìfo, torí ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ni wọ́n ṣe ti 2025, ọjọ́ mẹ́wàá gbáko ṣáájú.

Ẹni tó ṣírò rẹ̀ dáadáa ní 2024 á ti rí 7 tàbí 8 oṣù kẹfà. Kò lè sọ èyí tó jẹ́ nínú méjèèjì, torí ojú ló ń rí oṣù. Ọjọ́ kẹwàá oṣù Súlíhíjà ni Iléyá, Súlítáánì Sókótó ló sì ń kéde pé oṣù náà ti lé. Nítorí náà, kò ju bí ọjọ́ méjìlá lọ láàárín ìgbà tí ọjọ́ náà dájú àti ìgbà tí ẹgbẹ́ máa wọ pápá. Ẹ kọ ohun méjèèjì pa pọ̀: orúkọ ọjọ́ tí kì í yí padà, àti déètì tí ẹ ń retí.

Bí mo ṣe máa kọ ti ẹgbẹ́ kan ní ọjọ́ 19 oṣù kẹfà 2024 nìyí. Lágbájá, Lámọ̀rín àti Tẹ̀mẹ̀dù ni mo fi dípò orúkọ gidi:

“Ojúde Ọba 2024: ẹgbẹ́ wa jó níwájú Kábíyèsí lánàá. Ẹ ṣeun o. Ó tún di ọjọ́ kẹta Iléyá 2025.

A kí Kábíyèsí, Awùjalẹ̀ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Kádé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀.

Fọ́tò 1: bí a ṣe wọ pápá. Fọ́tò 2, láti ọwọ́ òsì: Ìyá Ẹgbẹ́, Àlàájà Lámọ̀rín, àti akápò wa. Fọ́tò 3: Àyàn Tẹ̀mẹ̀dù àti àwọn ọmọ rẹ̀, tí wọn kò sọ ìlù kalẹ̀ títí a fi jáde.

Ilé Aṣọ Lágbájá ló fún wa ní fìlà ogójì tí ẹ rí lórí wa. Àlàájà Lámọ̀rín ló gbé owó onílù. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tó dáwó, àtilé àtòkèèrè, ẹ kú ìnáwó. Ẹ̀yin tí ẹ dúró sínú oòrùn tí ẹ ń pàtẹ́wọ́ fún wa, a rí yín, a dúpẹ́.

Ìṣirò wa ni pé ti ọdún tó ń bọ̀ máa bọ́ sí 7 tàbí 8 oṣù kẹfà 2025. Bí wọ́n bá rí oṣù, a ó kéde rẹ̀. Ẹ̀yin tó ń ti òkèèrè bọ̀, ẹ fi ọjọ́ méjì sí iwájú àti ẹ̀yìn tíkẹ́ẹ̀tì yín.”

Kò gba ju ìṣẹ́jú kan láti kà. Nígbà tí Súlítáánì bá sì kéde oṣù, kí akọ̀wé má kàn padà lọ tún ti àtijọ́ kọ, torí ẹni tó ti kà á lọ́dún tó kọjá kò ní padà síbẹ̀. Kó gbé tuntun jáde lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, kí déètì wà ní ìlà àkọ́kọ́, kó sì fi ránṣẹ́ lọ́tọ̀ sí àwọn onígbọ̀wọ́ tó dárúkọ lọ́dún tó kọjá.