MOM àti ROC: Bí A Ṣe Ń Wọn Eré Owó Lọ́jà

Ní ìparí ọdún 2020, atọ́ka gbogbogbòò ti ọjà ìpín-ìdókòwò Nàìjíríà, èyí tí a ń rí lójú ẹ̀rọ gẹ́gẹ́ bí ASI, wà ní nǹkan bíi 40,270. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 2024, ó ti kọjá 100,000. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ó fi 500 gòkè lọ́jọ́ kan ní ìgbà àkọ́kọ́ yẹn, tó sì tún fi 500 gòkè lọ́jọ́ mìíràn lẹ́yìn tó ti dé 100,000. Iye kan náà ni wọn yóò kà nínú ìròyìn alẹ́ lẹ́ẹ̀mejèèjì. Àmọ́ 500 lórí 40,270 jẹ́ nǹkan bíi 1.24 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí 500 lórí 100,000 jẹ́ ìdajì ẹyọ kan péré nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí ₦100,000 rẹ̀ ń bá atọ́ka náà rìn á jèrè nǹkan bíi ₦1,240 ní ìgbà àkọ́kọ́, á sì jèrè ₦500 ní ìgbà kejì.

Ibi tí MOM àti ROC ti yàtọ̀ síra gan-an nìyí. Àwọn méjèèjì wà lára irinṣẹ́ tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń ka ṣáàtì máa ń kọ́kọ́ bá pàdé. Tó bá gbé wọn sábẹ́ ṣáàtì ìpín kan náà, ìlà méjì tó jọra bí ìbejì ló máa rí, á sì rò pé ọ̀kan ti tó. Òótọ́ ni pé ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n ń béèrè: báwo ni owó òní ṣe jìnnà sí owó ọjọ́ báyìí sẹ́yìn? MOM ń fi náírà dáhùn. ROC ń fi ìdá nínú ọgọ́rùn-ún dáhùn.

```
MOM = C - Cn
ROC = (C - Cn) / Cn * 100
```

C ni owó tí ọjà fi parí lónìí. Cn ni owó tó fi parí ní ọjọ́ n sẹ́yìn, a kì í sì í ka ọjọ́ tí ọjà kò ṣí mọ́ ọn. Ẹni tó ń lo irinṣẹ́ náà ló ń yan n fúnra rẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ ṣe yìí, 5 ni màá lò kí ìṣirò lè rọrùn láti tẹ̀ lé.

Ẹ jẹ́ ká mú ìpín kan tí a fi ọwọ́ ara wa dá iye rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní, ₦20.00 ló parí sí. Láti ọjọ́ kejì dé ọjọ́ karùn-ún, ó di ₦20.50, ₦21.50, ₦23.00 àti ₦25.00. Ọjọ́ kẹfà ló di ₦26.50, lẹ́yìn náà ₦27.50, ₦28.00, ₦28.20, ó sì dúró sórí ₦28.20 yẹn ní ọjọ́ kẹwàá àti ọjọ́ kọkànlá.

A kò lè ṣe ìṣirò kankan títí di ọjọ́ kẹfà, nítorí ìgbà náà ni a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní owó ọjọ́ márùn-ún sẹ́yìn lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kẹfà, ₦26.50 yọ ₦20.00 fún wa ní MOM 6.50, ROC sì jẹ́ 32.5. Lọ́jọ́ keje, MOM di 7.00, ROC di 34.1. Òkè tí àwọn ìlà méjèèjì gùn dé nìyẹn. Lọ́jọ́ kẹjọ, MOM padà sí 6.50, ṣùgbọ́n ROC kò padà sí 32.5 tó wà tẹ́lẹ̀, 30.2 ló bọ́ sí. Náírà mẹ́fà àbọ̀ kan náà ni o, àmọ́ orí ₦20.00 ni ti ọjọ́ kẹfà dúró lé, orí ₦21.50 sì ni ti ọjọ́ kẹjọ. Bí owó bá ṣe ń ga sí i ni náírà kọ̀ọ̀kan ń kéré sí i lójú ROC. MOM kò mọ èyí rárá.

Ẹ tún wo ohun mìíràn nínú àpẹẹrẹ yìí. Láti ọjọ́ keje sí ọjọ́ kẹsàn-án, owó ìpín náà ṣì ń gòkè, láti ₦27.50 dé ₦28.20, síbẹ̀ MOM ń sọ̀kalẹ̀, láti 7.00 dé 5.20. Ìlà tó ń sọ̀kalẹ̀ níbí kò sọ pé owó ń já. Ọkọ̀ tí awakọ̀ rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù ṣì ń lọ síwájú; eré rẹ̀ ló ń dínkù. Níwọ̀n ìgbà tí ìlà bá ṣì wà lókè òdo, owó òní ga ju ti ọjọ́ márùn-ún sẹ́yìn lọ. Ẹni tó bá ta ìpín rẹ̀ kìkì nítorí pé ìlà tẹ̀ sísàlẹ̀ ti fi ìkìlọ̀ ṣe ìdájọ́, ìkìlọ̀ yẹn sì lè wá kí owó má já rárá.

Ọjọ́ kẹwàá àti ọjọ́ kọkànlá ló ní ẹ̀kọ́ tó jinlẹ̀ jù. Owó kò yí padà, ₦28.20 ni ní gbogbo ìgbà. Ṣùgbọ́n MOM já láti 5.20 sí 3.20, ó tún já sí 1.70. ROC náà bọ́ láti 22.6 sí 12.8, lẹ́yìn náà 6.4. Kí ló fà á? Ọjà kò ṣe ohunkóhun lónìí. Owó àtijọ́ ló kúrò nínú ìṣirò: ₦23.00 jáde, ₦25.00 rọ́pò rẹ̀, lẹ́yìn náà ₦26.50. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá rí i pé ìlà náà fò tàbí já lójijì fi gbọ́dọ̀ wo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì: kí ni ọjà ṣe lónìí, kí sì ni ọjà ṣe ní ọjọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ láti ẹ̀yìn?

Àwa ọmọ Nàìjíríà ní àpẹẹrẹ kan tó dun gbogbo wa lápò. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2023, Báńkì Àpapọ̀ jẹ́ kí náírà máa wá ipò ara rẹ̀ ní ọjà ìpààrọ̀ owó ti ìjọba. Dọ́là kan tó jẹ́ nǹkan bíi ₦471 lọ́jọ́ tó ṣáájú parí ọjọ́ náà ní nǹkan bíi ₦664. ROC ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 41. Ká ní ẹnìkan fi n sí 10 lórí ṣáàtì dọ́là sí náírà. Fún ọjọ́ ọjà mẹ́wàá gbáko, àwọn owó tí ó ti wà kí náírà tó já ni ìṣirò rẹ̀ yóò máa fi wéra, ROC á sì ga fíofío. Lọ́jọ́ kọkànlá, ₦664 á bọ́ sí ipò Cn, ROC á sì wálẹ̀ gbì. Ẹni tí kò mọ ohun tó fà á lè rò pé dọ́là ti ń wálẹ̀, pé náírà ti ń gbádùn. Ṣùgbọ́n dọ́là kò padà sí ₦471. Ìjàǹbá náà ló kàn ti kọjá ẹ̀yìn ohun tí ìlà náà lè rí.

Ọjà tiwa tún ní òfin kan tó ń mú kí irinṣẹ́ méjèèjì sọ ìtàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. NGX ń fi àlà sí i pé owó ìpín kò gbọ́dọ̀ yí ju 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lọ́jọ́ kan, yálà sókè tàbí sísàlẹ̀. Ká sọ pé gbogbo ayé ń lé ìpín kan tó wà ní ₦20.00, tó sì ń kan àjà lójoojúmọ́. Á di ₦22.00, á di ₦24.20, á di ₦26.62. MOM ọjọ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 2.00, 2.20, 2.42, bí ẹni pé eré náà ń pọ̀ sí i. ROC ọjọ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 10, 10, 10, eré kò yí padà. ROC ló tọ̀nà lórí ìṣirò. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an lẹ́yìn àlà yẹn: bóyá àwọn tó ń fẹ́ rà ti tò rẹpẹtẹ láìsí ẹni tó fẹ́ tà. Tí ẹ bá rí ROC tó dúró gírígírí sórí 10 fún ọjọ́ mélòó kan, òfin lẹ ń wọ̀n, kì í ṣe ìfẹ́ ọjà. Iye ìpín tó paarọ̀ ọwọ́ lọ́jọ́ náà àti ìwé àṣẹ ríra àti títà tó wà lọ́wọ́ búrókà ló lè sọ èyí tó kù.

Èwo ni ká lò nígbà náà? Bó bá jẹ́ ìpín kan ṣoṣo lẹ ń ṣọ́, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí owó rẹ̀ kò sí yí púpọ̀, MOM tó, ó sì dára nítorí pé náírà ló ń kà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ fi ìpín ₦20 wé ìpín ₦500, tàbí fi ọdún yìí wé ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ROC nìkan ló lè ṣe é. Ìpín méjèèjì lè fi ₦10 gòkè, kí ti àkọ́kọ́ jẹ́ 50 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ti èkejì jẹ́ 2 péré. ROC náà ní àbùkù tirẹ̀ ṣá. Ìpín tó lọ láti ₦20 sí ₦30 ní ROC 50. Bó bá padà láti ₦30 sí ₦20, ROC jẹ́ 33.3 lábẹ́ òdo. Ọ̀nà kan náà ni, àlọ àti àbọ̀, síbẹ̀ ìgòkè dà bíi pé ó yára ju ìsọ̀kalẹ̀ lọ. Nígbà tí ìyípadà bá kéré, èyí kò ṣe nǹkan. Nígbà tó bá tóbi, ẹ má fi gíga òkè wé jíjìn kòtò lójú lásán.

Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ pẹ̀lú. Lórí MetaTrader, irinṣẹ́ tí wọ́n kọ `Momentum` sí kì í ṣe ìyọkúrò rárá. Ó máa ń fi owó àtijọ́ pín owó òní, á wá fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀. Ní ọjọ́ kẹsàn-án àpẹẹrẹ wa, 122.6 ló máa kọ, níbi tí ROC ti kọ 22.6. Nítorí náà, 100 ni àárín rẹ̀, kì í ṣe òdo. Ẹni tó bá ń dúró kí ìlà yẹn kọjá òdo kí ó tó gbà pé owó ti já máa dúró títí láé. n tí wọ́n fi sínú rẹ̀ látilẹ̀ jẹ́ 14, ẹ sì ní láti yí i padà kó bá ti irinṣẹ́ yòókù mu kí ẹ tó fi wọ́n wéra.

Ohun ìkẹyìn tó ń ba ìṣirò méjèèjì jẹ́ ni kí ilé-iṣẹ́ pín ìpín rẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Nvidia ti Amẹ́ríkà sọ ìpín kọ̀ọ̀kan di mẹ́wàá ní oṣù kẹfà ọdún 2024. Ní ọjọ́ 7, ìpín kan parí sí nǹkan bíi $1,209. Nígbà tí ọjà tún ṣí ní ọjọ́ 10, ó parí sí nǹkan bíi $122. Kò sẹ́ni tó pàdánù, nítorí ìpín mẹ́wàá ló wà lọ́wọ́ ẹni tó ní ẹyọ kan tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣáàtì tí wọn kò tún owó àtijọ́ rẹ̀ ṣe máa fi ROC tó tó 90 lábẹ́ òdo hàn. Bí ẹ bá rí irú ìjábọ́ bẹ́ẹ̀ láìsí ìròyìn burúkú kankan, ẹ kọ́kọ́ wo bóyá ilé-iṣẹ́ náà pín ìpín rẹ̀. Bí wọ́n bá sì ti tún owó àtijọ́ ṣe, ẹ rántí pé gbogbo MOM ìgbà àtijọ́ ti di ìdámẹ́wàá ohun tó jẹ́. MOM 60 tí ẹ kọ sínú ìwé lọ́dún tó kọjá á wá hàn gẹ́gẹ́ bíi 6 lórí ṣáàtì. ROC tí ẹ kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò ní yí padà.