Bí … bá, Ká ní àti Ì bá: Ìlò Wọn Nínú Gbólóhùn Kání

Nínú lẹ́tà àwáwí kan tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ sí wa, a ka gbólóhùn yìí:

(1) Bí ọkọ̀ bá tètè dé Ìbafò, n ó bá ìdánwò.

Ìdánwò náà ti parí ní ọjọ́ kejì ṣáájú. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ náà ní lọ́kàn ni pé ọkọ̀ ló jẹ́ kí òun pẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó kọ ń sọ fún wa pé ìdánwò ṣì ń bọ̀. A fẹ́ fi àṣìṣe yìí ṣàlàyé oríṣi gbólóhùn kání méjì.

Èkíní ni èyí tí ó lè ṣẹ. Bí ni ó ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bá sì ń tẹ̀ lé olùwà. Olórí awẹ́ gbólóhùn lè sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀, ó lè jẹ́ bárakú, ó sì lè jẹ́ àṣẹ:

(2) Bí òjò bá rọ̀, ọ̀nà yóò dí ní Mowé.
(3) Bí òjò bá rọ̀, ọ̀nà máa ń dí ní Mowé.
(4) Bí òjò bá rọ̀, kí ẹ gba ọ̀nà Ìfọ̀.

Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, tí sábà máa ń gba ipò bí: Tí òjò bá rọ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ pa á pọ̀ mọ́ tí inú ọkọ̀ tí ó bá dé, èyí tí ó ń yán ọ̀rọ̀-orúkọ.

Èkejì ni èyí tí kò ṣẹ. Ká ní tàbí ì bá ṣe pé ni ó sábà ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó tẹ̀ lé e kì í sábà gba bá, ṣùgbọ́n olórí awẹ́ gbólóhùn gbọ́dọ̀ gba ì bá. Ohùn àti ìrísí rẹ̀ ń yí padà pẹ̀lú arọ́pò-orúkọ: ǹ bá, à bá, ẹ̀ bá, wọn ì bá. Bí a bá fẹ́ yí i sí òdì, a ó lo kì bá tí:

(5) Ká ní ọkọ̀ tètè dé, ǹ bá ti bá ìdánwò.
(6) Ká ní Adé mọ̀, kì bá tí wọ ọkọ̀ náà.

Nínú (5), bá méjì ló wà. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ara ǹ bá. Èkejì ni ọ̀rọ̀-ìṣe gan-an. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá yọ ọ̀kan kúrò, ìtumọ̀ yóò bàjẹ́.

Bí pàápàá lè wọ inú oríṣi kejì, bí a bá fi ni parí awẹ́ rẹ̀: Bí ọkọ̀ bá tètè dé ni, ǹ bá ti bá ìdánwò. Nítorí náà, bí nìkan kò tó láti dá wọn mọ̀. Olórí awẹ́ gbólóhùn ni kí a wò.

Ọ̀nà ìdánwò kan wà. Ẹ fi ṣùgbọ́n kò tètè dé kún ìparí gbólóhùn. Ó bá (5) mu, ṣùgbọ́n ó tako (1). Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ wa dán èyí wò, òun fúnra rẹ̀ ló tún lẹ́tà rẹ̀ kọ. Ìgbà yẹn ni àwáwí rẹ̀ tó yé wa.