Àlọ àti Àbọ̀: Ìdí tí AB àti BA fi ní Iye-Àbùdá Kan Náà

Ọmọ ilé-ìwé tí ó ti mọ̀ pé méje lọ́nà márùn-ún kò yàtọ̀ sí márùn-ún lọ́nà méje yóò rò pé òfin tí kò lè yẹ̀ láé ni. Ìgbà tí ó bá dé orí mátíríìsì, èyíinì ni àwọn nọ́ńbà tí a tò ní ìlà àti ní òpó, ni yóò rí i pé òfin náà yẹ̀. Bí a bá sọ mátíríìsì A àti B di púpọ̀ ní ọ̀nà kan, AB ni a ó rí. Bí a bá yí ipò wọn padà, BA ni. Àwọn méjèèjì kì í sábà bára mu. Nígbà mìíràn, wọn kì í tilẹ̀ tóbi bákan náà. Síbẹ̀, ohun kan wà tí kì í yàtọ̀ nínú wọn, ìdí rẹ̀ sì ni a fẹ́ wá lónìí.

Iṣẹ́ mátíríìsì ni láti gba fẹ́kítọ̀ kan wọlé, kí ó sì fi òmíràn ránṣẹ́ jáde. Fẹ́kítọ̀ kò ju nọ́ńbà mélòó kan tí a tò tẹ̀lé ara wọn lọ. Ọ̀pọ̀ fẹ́kítọ̀ ni ó ń yí ojú sí ibòmíràn nígbà tí mátíríìsì bá ṣiṣẹ́ lára wọn, ṣùgbọ́n àwọn díẹ̀ wà tí ojú wọn kì í kúrò níbi tí ó kọ sí. Wọ́n kàn lè gùn sí i tàbí kí wọ́n kúrú sí i. Fẹ́kítọ̀-àbùdá ni a ó máa pe irú wọn. Iye tí a fi sọ wọ́n di púpọ̀ ni iye-àbùdá, tí a ń fi lẹ́tà λ àwọn Gíríìkì dúró fún. A ó kọ ọ́ báyìí: Mx = λx, níbi tí x kì í ṣe òdo.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Kí A ní ìlà méjì: (1, 0, 1) àti (0, 1, 1). Kí B ní ìlà mẹ́ta: (1, 0), (0, 1) àti (1, 1). AB yóò ní ìlà méjì péré, (2, 1) àti (1, 2). BA yóò ní mẹ́ta: (1, 0, 1), (0, 1, 1) àti (1, 1, 2). Ta ni yóò wo àwọn méjì yìí tí yóò sọ pé ìbátan ni wọ́n? Ṣùgbọ́n àwọn iye-àbùdá AB ni 3 àti 1. Ti BA ni 3, 1 àti 0. Bí a bá yọ òdo sẹ́yìn, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Láti rí ìdí rẹ̀, ẹ fojú inú wo ìlú méjì tí ọ̀nà méjì so pọ̀. B ni ọ̀nà tí ó ti ìlú kìíní lọ sí ìkejì. A ni ọ̀nà àbọ̀. AB ni ìrìn àlọ àti àbọ̀ ẹni tí ó ń gbé ìlú kìíní, nítorí B ni ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lára x kí A tó ṣiṣẹ́. BA ni ìrìn ẹni tí ó ń gbé ìlú kejì. Ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì ń rìn. Ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ nìkan ni ó yàtọ̀.

Wàyí o, kí x jẹ́ fẹ́kítọ̀-àbùdá AB, kí λ tirẹ̀ má sì jẹ́ òdo: ABx = λx. Ẹ rán x dé ìlú kejì, kí ẹ sì pe ohun tí ó dé ibẹ̀ ní y, èyíinì ni y = Bx. Kí ni BA yóò ṣe fún y? BAy = B(ABx) = B(λx) = λy. Iye-àbùdá AB ti di ti BA. Nínú àpẹẹrẹ wa, x = (1, 1) ni ó ni 3. Bx ni (1, 1, 2), bí ẹ bá sì fi BA ṣiṣẹ́ lára rẹ̀, (3, 3, 6) ni ẹ ó rí.

Ẹ̀rí náà kò tíì parí, nítorí a gbọ́dọ̀ mọ̀ dájú pé y kò di òdo lójú ọ̀nà. Bí Bx bá jẹ́ òdo, ABx náà yóò jẹ́ òdo. Ṣùgbọ́n ABx ni λx, λ kì í sì í ṣe òdo, bẹ́ẹ̀ ni x. Nítorí náà, y wà láàyè. Ẹni tí ó bá sì ń gbé ìlú kejì lè fi A ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ láti padà wá, nítorí Ay = λx. Nípa èyí, kì í ṣe iye nìkan ni ó dọ́gba: iye àwọn fẹ́kítọ̀ tí kò gbára lé ara wọn, tí wọ́n sì ní λ kan náà, dọ́gba pẹ̀lú.

Ibi tí λ bá ti jẹ́ òdo ni ẹ̀rí yìí ti kọsẹ̀, nítorí fẹ́kítọ̀ lè sọnù lójú ọ̀nà. Nínú àpẹẹrẹ wa, A sọ (1, 1, −1) di òdo. Ìdí nìyẹn tí BA fi ní òdo tí AB kò ní. Ẹ má sì ṣe rò pé wàhálà náà parí bí àwọn mátíríìsì bá tóbi dọ́gba. Kí A ní ìlà (0, 1) àti (0, 0), kí B ní (1, 0) àti (0, 0). AB di òdo pátápátá. BA kò di òdo, A fúnra rẹ̀ ni. Òdo nìkan ni iye-àbùdá àwọn méjèèjì, síbẹ̀ ìwà wọn kò jọra. Ní 1951, Harley Flanders fi hàn pé ìdí òdo yìí nìkan ni ìyàtọ̀ AB àti BA lè fara pamọ́ sí, àti bí ó ti lè pọ̀ tó.

Ẹni tí ó bá ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò yóò mọ rírì ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1991, Turk àti Pentland gbé ọ̀nà kan jáde tí kọ̀ǹpútà lè fi dá ojú ènìyàn mọ̀. Ẹ jẹ́ kí a ní àwòrán ojú 16, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ àmì 128 ní ìbú àti 128 ní òró; àwòrán kan di fẹ́kítọ̀ onínọ́ńbà 16,384. A ó ro àwọn àwòrán náà pọ̀, a ó pín in sí 16, a ó sì yọ èsì náà kúrò lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó kù ni a tò sí òpó 16 láti fi ṣe A. B sì ni A tí a sọ òpó rẹ̀ di ìlà. Fẹ́kítọ̀-àbùdá AB ni a ń wá, ṣùgbọ́n AB ní nọ́ńbà tí ó ju mílíọ̀nù 268 lọ. BA kò ní ju 256 lọ! A ó wá fẹ́kítọ̀-àbùdá v ti BA, a ó sì fi A rán an lọ: Av ni ohun tí a ń wá.

Ewu kan wà níbẹ̀. Àyọkúrò tí a ṣe mú kí àròpọ̀ àwọn òpó 16 náà jẹ́ òdo, nítorí náà ó kéré tán, ọ̀kan nínú iye-àbùdá BA gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo. Kọ̀ǹpútà kì í sábà kọ òdo gan-an. Nọ́ńbà tín-ín-tín ni yóò kọ. Ẹni tí kò bá fura yóò rán v yẹn náà lọ, yóò na Av títí gígùn rẹ̀ yóò fi di 1, àwòrán tí yóò sì rí kì í ṣe ojú ẹnikẹ́ni, bí kò ṣe àṣìṣe ìṣirò tí a sọ di ńlá. Bí gígùn v bá jẹ́ 1, gígùn Av lọ́nà ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ λ. Èyí tí ó bá kéré jọjọ sí àwọn yòókù, kí a dà á nù.

Ìbéèrè kan máa ń tẹ̀lé èyí: bí mátíríìsì bá jẹ́ mẹ́ta ńkọ́? ABC, BCA àti CAB ń rìn yí ká lójú ọ̀nà kan náà, nítorí náà iye-àbùdá wọn tí kì í ṣe òdo bára mu. ACB kò sí nínú wọn. Ẹ mú A = (0, 1), (0, 0); B = (0, 0), (1, 0); C = (1, 0), (0, 0). ABC ní iye-àbùdá 1, ṣùgbọ́n ACB jẹ́ òdo pátápátá, nítorí AC ti di òdo kí B tó dé ibẹ̀.