Kí Ímeèlì Tí Ẹ̀rọ Túmọ̀ Tó Dé Kútọnú

Ká ní oníṣòwò kan wà ní Èkó tó ń ta ata ilẹ̀ gbígbẹ. Ó kọ ímeèlì lédè Gẹ̀ẹ́sì sí obìnrin kan tó jẹ́ oníbàárà rẹ̀ ní Kútọnú: ẹrù tọ́ọ̀nù 2.750 ti ṣetán, owó rẹ̀ jẹ́ N5.5m, kí oníbàárà rí i pé òun san owó tó kù kó tó di 06/07, kó sì má bínú pé ẹrù pẹ́. Ó gbé e fún ẹ̀rọ atúmọ̀ èdè, kò sì pẹ́ tí Faransé fi jáde, tó dán létí bíi ti ẹni tó ti kékeré sọ ọ́.

Dídán yẹn gan-an ló léwu. Láyé àtijọ́, ìtumọ̀ ẹ̀rọ máa ń rí wúruwùru débi pé ẹnikẹ́ni á fura. Ṣùgbọ́n láti 2016, nígbà tí Google gbé ìtumọ̀ rẹ̀ lé irú ẹ̀rọ tó ń wo odindi gbólóhùn pa pọ̀, gbólóhùn tó ń ṣàn dáadáa lè gbé àṣìṣe dání láìjẹ́ kó hàn. Ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe gbọ́dọ̀ gbé lẹ́tà tí òun kọ́kọ́ kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtumọ̀ náà, kó sì máa fi ohun kan wé ìkejì rẹ̀. Bí ó bá ka Faransé nìkan, kò ní rí nǹkan kan.

Nọ́ńbà ló yẹ kó kọ́kọ́ wò. Nínú Faransé, kọ́mà ló ń ya odidi nọ́ńbà kúrò lára ìdá rẹ̀, àlàfo ló sì ń ya ẹgbẹ̀rún sọ́tọ̀. Àwọn mìíràn a máa lo àmì ìdánudúró dípò àlàfo. Ẹ wo iye tí wọ́n fi so owó sẹ́fà mọ́ yúrò: 1 euro = 655,957 F CFA. Ará Èkó lè kà á sí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta ó lé, bẹ́ẹ̀ sẹ́fà 656 ni, ó dín díẹ̀. Bákan náà, tọ́ọ̀nù 2.750 tí oníṣòwò wa kọ, tó túmọ̀ sí tọ́ọ̀nù méjì àti kílò 750, lè di ẹgbẹ̀rún méjì tọ́ọ̀nù ó lé lójú oníbàárà. Kí ó kọ `2 750 kg`, ìjà parí. N5.5m náà kò yé ará ibẹ̀ dáadáa, torí «m» lè jẹ́ mítà, «N» kò sì sọ pé náírà ni. `5 500 000 NGN` ló yẹ. Déètì 06/07 sì ńkọ́? Ẹ̀rọ tó bá gbà pé ará Amẹ́ríkà ló kọ ọ́ lè sọ ọ́ di ọjọ́ 7 oṣù kẹfà. Kí ó kọ `6 juillet`.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ní kí ẹ̀rọ tún Faransé náà tú padà sí Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó pé. Ó wúlò díẹ̀, àmọ́ 2.750 á padà wá ní 2.750 gan-an, bíi pé ohun gbogbo dára. Ohùn ọ̀rọ̀ náà kì í hàn níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò ya «ìwọ» sọ́tọ̀ kúrò lára «ẹ̀yin», Faransé sì yà wọ́n: `tu` fún ọ̀rẹ́, `vous` fún ẹni tí a bọ̀wọ̀ fún. Méjèèjì á padà sí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo. Kò sí Yorùbá tí kò mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí èèyàn bá sọ «o» fún oníbàárà tó jù ú lọ.

Kódà bí `vous` bá wà níbẹ̀, `vous devez payer` ṣì jẹ́ àṣẹ. Lẹ́tà òwò Faransé máa ń rọ ọ̀rọ̀ lójú: `Nous vous saurions gré de bien vouloir régler le solde avant le 6 juillet.` Ọjọ́ tí owó gbọ́dọ̀ wọlé kò yí padà, ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ ni obìnrin náà á gbọ́. `Madame,` lásán ló sì yẹ kó bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà sí ẹni tí a kò tíì mọ̀ dáadáa. `Chère Madame` jẹ́ ti ẹni tó ti mọ ara wọn.

Ó wá ku àwọn ọ̀rọ̀ tó jọra lójú, tí ìtumọ̀ wọn yàtọ̀. `Delay` Gẹ̀ẹ́sì ni ìdádúró, `retard` sì ni Faransé ń pè é. `Délai` ni àkókò tí a fún iṣẹ́ kan láti parí. Bí `délai` bá yọjú níbi tí oníṣòwò ti ń tọrọ àforíjì, kí ó fi `retard` rọ́pò rẹ̀. Ewu kan náà wà nínú èsì tó ń bọ̀. Bí oníbàárà bá béèrè pé `Quel est votre délai de livraison ?`, ẹ̀rọ lè gbé e wá bíi pé ó ń ráhùn pé ẹrù pẹ́, oníṣòwò á sì tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀ tuntun. Ohun tí obìnrin náà ń béèrè ni pé ọ̀sẹ̀ mélòó ni ẹrù tó kàn máa gbà kó tó dé ọ̀dọ̀ òun.