Ìràwọ̀ inú àtẹ èsì: ohun tí ìpíndọ́gba méjì kò lè sọ fún òǹkàwé

Nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè tí a fi nọ́ńbà ṣe, bákan náà ni àtẹ èsì máa ń rí: ìpín kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, ìpíndọ́gba wà níbẹ̀, ìwọ̀n ìfọ́nká tẹ̀ lé e, ìràwọ̀ kan tàbí méjì sì lẹ̀ mọ́ nọ́ńbà kan. (Ohun tí a kọ́ ní ilé-ìwé Faransé ní ekaatíìpù ni mo pè ní ìwọ̀n ìfọ́nká, òun ni ó ń sọ bí nọ́ńbà ẹnìkọ̀ọ̀kan ṣe sábà máa ń jìnnà sí ìpíndọ́gba tó.) Ìràwọ̀ ni ojú òǹkàwé máa ń kọ́kọ́ lọ bá. Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ kì í ṣe ti nọ́ńbà tí ó lẹ̀ mọ́. Ti ìfiwéra kan ni, ìfiwéra ọ̀hún kì í sì í sábà hàn nínú àtẹ. Bí òǹkọ̀wé kò bá sọ irú ìfiwéra tí ó ṣe, òǹkàwé kò ní lè mọ̀ bóyá ìràwọ̀ náà tọ́.

Àpẹẹrẹ tí mo mú kì í ṣe ti èdè, ṣùgbọ́n ó kúrú, ẹnikẹ́ni sì lè rí i nínú R lábẹ́ orúkọ `sleep`. William Gosset, tí ó ń ṣiṣẹ́ fún ilé ìpọntí Guinness ní Dublin, lò ó ní ọdún 1908 nínú iṣẹ́ tí ó fi orúkọ Student tẹ̀ jáde, níbi tí ìdánwò t ti ṣẹ̀. Aláìsàn mẹ́wàá kan náà ni wọ́n dán oògùn oorun méjì wò lára wọn. Nọ́ńbà ẹnìkọ̀ọ̀kan ni iye wákàtí tí oorun rẹ̀ fi pọ̀ sí i ju ti ìgbà tí kò lo oògùn lọ. Báyìí ni àtẹ rẹ̀ yóò ṣe rí bí a bá kọ ọ́ bí a ti máa ń kọ ọ́:

| Oògùn | n | Ìpíndọ́gba (wákàtí) | Ìwọ̀n ìfọ́nká |
|---|---|---|---|
| Kìíní | 10 | 0,75 | 1,79 |
| Kejì | 10 | 2,33** | 2,00 |

Ẹ jẹ́ kí á gbà pé òǹkàwé kan fẹ́ yẹ ìràwọ̀ méjì yẹn wò. Àtẹ nìkan ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yọ ìpíndọ́gba kan kúrò nínú èkejì, ó rí 1,58. Ó sọ ìwọ̀n ìfọ́nká kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po ara rẹ̀, ó fi 10 pín in, ó ro méjèèjì pọ̀, ó wá gbòǹgbò rẹ̀: 0,85 ni ó kù sí i lọ́wọ́. Tí a bá fi 0,85 pín 1,58, t jẹ́ 1,86, p sì jẹ́ nǹkan bí 0,079. Èyí ju 0,05 lọ, nítorí náà kò yẹ kí ìràwọ̀ kankan wà níbẹ̀. Ṣé òǹkọ̀wé parọ́ ni? Rárá o.

Ohun tí òǹkọ̀wé ṣe ni pé ó fi aláìsàn kọ̀ọ̀kan wé ara rẹ̀. Ó yọ nọ́ńbà oògùn kìíní kúrò nínú ti ìkejì fún ẹni kọ̀ọ̀kan, ó sì rí ìyàtọ̀ mẹ́wàá yìí: 1,2, 2,4, 1,3, 1,3, 0, 1,0, 1,8, 0,8, 4,6, 1,4. Kò sí ẹyọ ẹnìkan tí oògùn kejì dín oorun rẹ̀ kù sí ti ìkíní. Ìpíndọ́gba ìyàtọ̀ wọ̀nyí ṣì jẹ́ 1,58, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ìfọ́nká wọn jẹ́ 1,23 péré. Tí a bá fi gbòǹgbò 10 pín 1,23, a ó rí 0,39. Nígbà náà t di 4,06, p sì di 0,0028. Ìràwọ̀ méjì tọ́ sí i.

Ibi tí ìyàtọ̀ náà ti wá kò ṣòro láti rí. Aláìsàn keje rí wákàtí 3,7 lára oògùn kìíní àti 5,5 lára ìkejì. Aláìsàn kẹrin pàdánù wákàtí 1,2 pẹ̀lú ìkíní, ó sì jèrè 0,1 pẹ̀lú ìkejì. Àwọn méjèèjì jìnnà síra wọn gan-an, síbẹ̀ oògùn kejì sàn fún àwọn méjèèjì. 1,79 àti 2,00 inú àtẹ ń sọ bí ènìyàn ṣe yàtọ̀ sí ènìyàn. Wọn kò sọ bí oògùn ṣe yàtọ̀ sí oògùn lára ẹnìkan náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí i fúnra rẹ̀ lè tẹ èyí (kí ó má gbàgbé pé tótó ni R ń lò níbi tí àwa ń lo kọ́mà):

```
t.test(sleep$extra[11:20], sleep$extra[1:10], paired = TRUE)
t.test(sleep$extra[11:20], sleep$extra[1:10])
```

Ọ̀rọ̀ ohùn ni ó sọ èyí di ọ̀ràn tiwa. Ká ní a gba ohùn ọkùnrin márùn-ún àti obìnrin márùn-ún sílẹ̀ ní Kétu, tí a sì wọn gíga ohùn òkè àti ohùn àárín lẹ́nu wọn. Ohùn obìnrin sábà máa ń ga ju ti ọkùnrin lọ fíìfíì, nítorí náà ìwọ̀n ìfọ́nká yóò tóbi nínú ìlà méjèèjì, àtẹ yóò sì dà bí ẹni pé ohùn òkè àti ohùn àárín wọnú ara wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti òkè ga ju ti àárín lọ lẹ́nu gbogbo wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá fi olúkúlùkù wé ara rẹ̀ lè pàdánù ìyàtọ̀ tí gbogbo etí gbọ́.

Òdì kejì rẹ̀ burú jù, lójú tèmi. Bí a bá ń fi àwọn ará Kétu wé àwọn ará Ṣábẹ̀ẹ́, ènìyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Kò sí ìdí kankan tí ẹni àkọ́kọ́ nínú fáìlì Kétu fi gbọ́dọ̀ bá ẹni àkọ́kọ́ nínú fáìlì Ṣábẹ̀ẹ́ ṣe méjì-méjì, àfi pé orúkọ wọn wà ní ìlà kan náà. Kọ̀ǹpútà yóò ṣe é láìjanpata, bí iye ènìyàn bá ṣáà ti dọ́gba. Ohun tí ó máa ń tú àṣírí ni `df` tí ó tẹ̀ lé t. Fún ènìyàn mẹ́wàá tí a fi wé ara wọn, 9 ni. Fún ìpín méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí ó ní ènìyàn mẹ́wàá-mẹ́wàá, 18 ni ó máa ń jẹ́, tàbí nọ́ńbà tí ó ní kọ́mà tí kò tó 18, bíi 17,8 tí àṣẹ kejì lókè yẹn ń fúnni. Bí ẹ bá wá rí 299 níbi tí ènìyàn kò ju mẹ́wàá lọ, ó ṣeé ṣe kí òǹkọ̀wé ti ka ọgbọ̀n ọ̀rọ̀ tí ẹnìkọ̀ọ̀kan pè bí ọgbọ̀n ènìyàn, ìràwọ̀ rẹ̀ kò sì ṣeé gbára lé.

Iye ìràwọ̀ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Nínú R, `*` túmọ̀ sí p tí kò tó 0,05, `**` tí kò tó 0,01, `***` tí kò tó 0,001. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé ń fún p tí kò tó 0,10 ní ìràwọ̀ kan. Lọ́dọ̀ wọn, 0,079 ti òǹkàwé wa ìṣáájú yóò gba ìràwọ̀! Ìdí nìyí tí ìlà kékeré abẹ́ àtẹ fi gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ìràwọ̀ dúró fún.

Èmi máa ń fi ìlà kẹta kún irú àtẹ báyìí, mo sì máa ń gbé ìràwọ̀ lọ síbẹ̀:

| Ìyàtọ̀ (kejì − kìíní) | 10 | 1,58** | 1,23 | t(9) = 4,06; p = 0,003 |
|---|---|---|---|---|

Òǹkàwé lè fi gbòǹgbò 10 pín 1,23 fúnra rẹ̀ kí ó sì dé 4,06. Ohun kan wà tí ìlà yìí pàápàá ń fi pamọ́, èyí ni aláìsàn kẹsàn-án tí ìyàtọ̀ tirẹ̀ jẹ́ 4,6. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, ìpíndọ́gba ìyàtọ̀ àwọn mẹ́sàn-án tó kù á sọ̀ kalẹ̀ sí 1,24, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ìfọ́nká wọn á já sí 0,66, t á sì gòkè dé 5,66. Ẹni tí ó fi oògùn kejì hàn bí alágbára jù lọ ni ó ń fa t sẹ́yìn. Fún èyí, àwòrán tótó mẹ́wàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ ni mo mọ̀ tí ó lè fi í hàn.