Fọ́tò Tó Ń Sá Kiri Nínú Wọ́ọ̀dù

Ẹni tó bá ti fi Wọ́ọ̀dù ṣe ìwé ètò ìsìnkú rí yóò mọ ìyọnu yìí. Fọ́tò màmá tó di olóògbé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàn ìgbésí ayé wọn lójú ewé kejì. Àwọn ọmọ ní kí a fi orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ kún un lókè, ni fọ́tò bá fò lọ sí ojú ewé kẹta.

Ẹ̀rọ kọ́ ló bàjẹ́. Fọ́tò tó bá wà ní Square ní ìpínrọ̀ tí a so ó mọ́, bí ewúrẹ́ tí a so mọ́ èèkàn. Ojú ewé tí ìpínrọ̀ yẹn bá wà ni fọ́tò náà gbọ́dọ̀ wà. Ẹ tẹ fọ́tò, ẹ ó rí àmì ìdákọ̀ró kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpínrọ̀ náà. Ẹ fà á lọ sí ìpínrọ̀ tí kò ní kúrò lójú ewé kejì. Bí ẹ bá pa ìpínrọ̀ ọ̀hún rẹ́ pátápátá, fọ́tò á bá a lọ. Fix position on page pàápàá kò lè dá a dúró bí ìpínrọ̀ bá ti ṣí lọ sí ewé mìíràn.

Èyí tó pòórá ńkọ́? Behind Text ló wà. Bí ìpínrọ̀ bá ní àwọ̀ lábẹ́, àwọ̀ náà á bo fọ́tò mọ́lẹ̀, ọwọ́ kò sì ní tó o. Ẹ lọ sí Home, Select, Selection Pane, kí ẹ tẹ orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ wá yí i sí In Line with Text. Bí kò bá pọn dandan kí ọ̀rọ̀ yí fọ́tò ká, ẹ fi í síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.